Fótò ẹja kì í ṣe ìwé oògùn

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ẹja àrọ̀ tí à ń tà ní kílò-kílò. Ti ẹja ọ̀ṣọ́ ni, àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ mèremère tó máa ń wà nínú gíláàsì níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ní àwọn iléeṣẹ́ Ọba Akran, ní báǹkì, ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ní ilé àwọn tí ọwọ́ wọn ròkè díẹ̀. Àwọn tó ń sìn wọ́n tà wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé l'Ágége, l'Ógbà àti ní ọ̀nà Ìjù, owó gidi sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹja tí wọ́n bá ti ná owó lé lórí fún oṣù mẹ́rin, ó lè kú tán láàárín ọjọ́ méjì.

Láti ìgbà tí kálukú ti ní fóònù tó ń ya fótò ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lọ́dọ̀ wa. Tẹ́lẹ̀, a ó lọ síbẹ̀, a ó fojú wa rí i. Nísinsìnyí, fótò ló máa ń kọ́kọ́ dé, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń tẹ̀lé e: "Ọ̀gá, oògùn wo ni kí n lò?" Èrò wa lórí ìyẹn rèé. A ò ní dárúkọ oògùn láti ara fótò kan ṣoṣo mọ́, a sì ń rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ má ra oògùn tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a ò sí lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ń sọ pé fótò ò wúlò rárá. Ó wúlò púpọ̀, tí èèyàn bá mọ ohun tó ń sọ àti ohun tí kò lè sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan l'Ágége ṣàlàyé. Ẹja góòlù ló ń sìn, àwọn tó pupa bí ọsàn yẹn, nínú kòtò kọnkéré lẹ́yìn ilé wọn. Oníbàárà kan ní Ìkẹjà fẹ́ gba mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá kó mẹ́rìnlá jáde láti inú kòtò, ó kó wọn sínú táǹkì onígíláàsì tuntun nínú pálọ̀ kí oníbàárà lè rí wọn dáadáa tó bá dé. Ọjọ́ karùn-ún ni fótò dé ọwọ́ wa, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àmì funfun ti yọ sí wọn lójú, àwọ̀ wọn sì ń ṣí. Ẹnì kan tó ń ta ẹja ní kí n da tẹtirasáíkílíìnì sí i."

Nínú fótò yẹn, ẹja kan ló hàn dáadáa. Àmì funfun tóótòòtó wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Omi náà ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Ẹja méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn ò hàn kedere, a kàn rí ìrù ọ̀kan nínú wọn. A bá dá a lóhùn pé, "Àbúrò, má da nǹkankan sí i lálẹ́ yìí. Tún fótò yà fún wa."

Ìdí tí a fi ní kó tún un yà kì í ṣe pé a fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Gílóòbù tó wà lórí táǹkì náà ń tan búlúù, ìmọ́lẹ̀ búlúù sì máa ń jẹ́ kí ẹja pupa dà bí ẹni tó ti ṣá. A ní kó pa á, kó dúró di àárọ̀, kó ṣí fèrèsé, kó wá lẹ bébà funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kó tó yà á. Bí bébà bá jáde ní funfun nínú fótò, àwọ̀ ẹja ṣeé gbà gbọ́. Bí bébà bá búlúù tàbí tó pọ́n bí òróró, ẹ má gba ohunkóhun tí fótò bá sọ nípa àwọ̀ gbọ́. A tún ní kó má tan fíláàṣì, torí fíláàṣì máa ń tàn padà lára ìpẹ́, á sì dà bí àmì funfun. Kó nu gíláàsì nínú àti lóde. Kó dúró kí ojú fóònù dojú kọ gíláàsì tààrà, kó má dagun. Kó gbé ìdérí báírò sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kí a lè mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Kó ya ẹja mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀tún àti òsì, kó sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fótò lásán, torí Wáásáàpù máa ń fún fótò pọ̀ débi pé àmì kékeré á parẹ́ tàbí kí ó dì mọ́ra. Lákòótán, kó ṣe fídíò ìṣẹ́jú àáyá 10, kí a lè rí bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá.

Ohun mẹ́ta la máa ń bi fótò. Ibo ni nǹkan náà wà lára ẹja? Báwo ni etí rẹ̀ ṣe rí? Ẹja mélòó ló ní i? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì funfun, torí òun ló ń ba èèyàn lẹ́rù jù. Àrùn kan wà tí gbogbo ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́ mọ̀, tí ẹja máa ń dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i lára. Kòkòrò kékeré kan ló ń wọ abẹ́ awọ rẹ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan kì í ju mílímítà 1 lọ, wọ́n sì máa ń jọra wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kì í yan ibì kan. Ẹ máa rí i lára ìrù, lára lẹ́bẹ́, lẹ́yìn, ní ikùn, á sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, á máa ran ẹja tó kù láìka akọ tàbí abo sí. Ẹja tó ní i máa ń fi ara ha òkúta tàbí ìsàlẹ̀ táǹkì bí ẹni tí ara ń yún.

Ti ọmọkùnrin wa yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fótò tuntun, àmì funfun wà ní ibi méjì péré: lórí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí ẹja fi ń mí, àti lára eegun tó wà níwájú lẹ́bẹ́ ọwọ́, àwọn lẹ́bẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Níbi eegun lẹ́bẹ́, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹyọ kan lára ìrù. Nínú ẹja mẹ́ta tó yà, méjì ló ní i. Ẹ̀kẹta, tí ikùn rẹ̀ tóbi díẹ̀, kò ní rárá. Kò sì sí èyí tó ń ha ara nínú fídíò.

Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Akọ ẹja góòlù tó ti dàgbà tó láti gun abo ló máa ń yọ irú rẹ̀. Ó máa ń yọ, ó sì máa ń wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹja mélòó ni àwọn èèyàn ti fi oògùn pa nítorí rẹ̀, a ò lè kà á. Wọn á rí funfun, wọn á ra málákáìtì gíríìnì, wọn á dà á sí omi láìwọn omi, ẹja tí kò ṣàìsàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle.

Ẹ má ṣe tún gba ọ̀rọ̀ yìí sódì o. Bí ẹ bá rí funfun lẹ́rẹ̀kẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí àrùn. Kòkòrò tí a sọ yẹn lè wà nínú ibi tí ẹja fi ń mí, kó máa pa á láìjẹ́ pé àmì kan hàn níta. Ìdí nìyẹn tí a fi béèrè fídíò. Bí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń ṣí tó ń pa kíákíá, tí ẹja sì ń lọ ya ẹnu lójú omi, nǹkan ń ṣe é, ohun yòówù kí awọ rẹ̀ máa sọ.

Nínú fídíò ọmọkùnrin yìí, wọ́n ń mí kíákíá. Àwọn mẹ́ta ti lọ dúró sí òkè níbi tí omi ti ń tú jáde láti inú fílítà. Ìgbà yẹn la wá padà sí ìrù tí a rí gẹ́ẹ́rẹ́ ní alẹ́ àná.

Ọ̀rọ̀ lẹ́bẹ́ gba sùúrù. Lẹ́bẹ́ tó ya kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú lẹ́bẹ́ tó ń jẹrà. Bí ẹja mìíràn bá bù ú jẹ, ẹ máa rí i pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e tàbí pé wọ́n bù ú bí àkàrà. Etí ibi tó ya á mọ́, kò ní funfun, kò ní pupa, ìyókù lẹ́bẹ́ á sì mọ́ kedere débi pé ẹ lè rí nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹja kan tàbí méjì, àwọn tó ń rìn jẹ́jẹ́ tí ìrù wọn gùn. Ẹni tó bù ú jẹ wà nínú táǹkì yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi omi tó mọ́ tọ́jú èyí tó farapa. Kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe ẹja. Àwọ̀n tí a fi kó wọn ló fà á ya, tàbí òdòdó oníke tí etí rẹ̀ mú.

Èyí tó ń jẹrà yàtọ̀. Etí rẹ̀ kì í dọ́gba, á ṣe jágajàga bí etí aṣọ tó ti gbó. Ìlà funfun tàbí eérú tín-ín-rín á wà ní etí níbi tí ẹran ti ń kú. Ní abẹ́ ìlà yẹn, ẹ lè rí iṣan pupa tó ń sáré wá láti ìdí ìrù. Ó máa ń jẹ́ etí lẹ́bẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í ṣe ẹja kan. Àwọn ẹja náà tún máa ń pa lẹ́bẹ́ wọn mọ́ra, bí ẹni tí òtútù ń mú tó káwọ́ mọ́ àyà.

Gbogbo ìyẹn ló wà nínú fótò ọmọkùnrin yìí. Ìrù ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan abo tí kò ní àmì funfun kankan, ti ní ìlà funfun létí, iṣan pupa sì hàn lára méjì. Nǹkan tó ń dà á láàmú ò ṣe nǹkankan. Nǹkan tí kò béèrè ló fẹ́ pa wọ́n.

Ibi tí agbára fótò parí sí nìyí. Fótò lè sọ pé ìrù ń jẹrà. Kò lè sọ ìdí rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ lẹ́bẹ́ ẹja wà nínú omi nígbà gbogbo, ẹja tí ara rẹ̀ le ò kà wọ́n sí. Nǹkan kan ló ti bá ara ẹja jà kí wọ́n tó ráyè, nínú omi ló sì sábà máa ń wà. Nítorí náà, ìbéèrè tó kù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹja ni a gbọ́dọ̀ gbé e lọ.

A bi í pé, "Báwo ni táǹkì yẹn ṣe tóbi tó?" Ó ní bíi lítà 200. A ní kó fi tépù wọ̀n ọ́n. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, ó fẹ̀ ní 40, omi inú rẹ̀ sì ga ní 35. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ pín in sí 1,000, lítà 140 ni. Ẹ rí i pé bó bá jẹ́ pé oògùn ló fẹ́ wọ̀n fún lítà 200 ni, àpọ̀jù ni ì bá dà sí i. A bi í pé, "Ọjọ́ mélòó ni fílítà yẹn ti ń ṣiṣẹ́?" Ọjọ́ márùn-ún, tuntun ni. "Iná ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mú iná lọ fún odindi ọjọ́ méjì láàárín rẹ̀, alẹ́ nìkan ló sì ń tan jẹnẹrétọ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó lò ń fún wọn lóúnjẹ lóòjọ́?" Ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí wọ́n lè sanra kí oníbàárà tó dé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin ẹja pẹ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹja máa ń tú àmóníà jáde láti ibi tó fi ń mí, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù náà sì ń di àmóníà. Nínú kòtò tó ti pẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó dáa ti wà lára ògiri àti nínú ewé tó ń sọ àmóníà yẹn di nǹkan tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Nínú fílítà tuntun, wọn ò tíì sí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Àwọn díẹ̀ tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹyọ nílò afẹ́fẹ́ inú omi. Bí iná bá lọ tí omi ò kọjá nínú fílítà mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹja mẹ́rìnlá nínú lítà 140, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹrin, fílítà tí kò ní nǹkankan nínú. Àmóníà ló ń jó wọn ní ìrù àti níbi tí wọ́n fi ń mí.

A ò fẹ́ fi àròsọ ṣe é. A ní kó gbé omi inú ìgò wá sí Okò-Ọba níbi tí a ti fẹ́ pàdé àwọn ẹlẹ́ja mìíràn lọ́jọ́ yẹn, a fi kíìtì àyẹ̀wò wò ó. Ìwọ̀n àmóníà jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Nínú táǹkì tó dáa, òdo ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ wá fojú inú wo ohun tí tẹtirasáíkílíìnì ì bá ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe oògùn tó ń mú àmóníà kúrò. Ó lè pa àwọn kòkòrò tó dáa díẹ̀ tó ń gbìyànjú láti gbéra nínú fílítà, kí àmóníà sì túbọ̀ pọ̀. Bí omi bá jẹ́ èyí tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, ẹfun á di oògùn mú, ẹja ò sì ní rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́, omi á sì pọ́n bíi tíì. Ẹni tó ń ta kápúsù yẹn fún yín ò purọ́ pé apakòkòrò ni. Kò kàn mọ ohun tó ń ṣe ẹja yín ni, torí fótò ò sọ fún un.

Ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe rèé. Ó dá mẹ́jọ padà sínú kòtò lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà tó kù, tí ìrù wọn bàjẹ́ jù, ló fi sílẹ̀ nínú gíláàsì ká lè máa rí wọn. Kò fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ó ń pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi lójoojúmọ́, ìyẹn bíi lítà 45. Omi bọ́họ̀ ló ń lò, a sì kìlọ̀ fún un kó kọ́kọ́ tú u sínú kẹ́ẹ̀gì tó ṣí lórí, kó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i mọ́jú, torí omi ilẹ̀ l'Ékòó sábà máa ń kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba gbọ́dọ̀ mú kílóríìnì kúrò kó tó dà á sí i. Ó gé kànìnkànìn kan láti inú fílítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń sin ẹja láti ọdún mẹ́ta, ó kì í bọ inú tiẹ̀. Ìyẹn ló wúlò jù nínú gbogbo nǹkan tó ṣe, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ yẹn bóyá ẹja rẹ̀ kankan kú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kí a má baà fi kànìnkànìn gbé àrùn mìíràn wọlé. Lẹ́yìn náà, iyọ̀ gíráàmù 1 fún lítà kan, gíráàmù 140 lápapọ̀, tó kọ́kọ́ pò nínú ike kó tó rọra dà á sí i. Nígbàkigbà tó bá pààrọ̀ lítà 45, gíráàmù 45 nìkan ló ń fi kún un, kì í ṣe 140.

Ní ọjọ́ kẹjọ, fótò mìíràn dé pẹ̀lú ìpayà. "Ọ̀gá, wọ́n ti ń dúdú o! Etí ìrù wọn ti di dúdú!" A wò ó. Ìlà funfun ti lọ. Iṣan pupa ti rọlẹ̀. Dúdú wà ní ibi tí funfun wà tẹ́lẹ̀, níwájú rẹ̀ sì ni awọ tín-ín-rín kan wà tó mọ́ bíi ọ̀rá. Ara ẹja góòlù tí àmóníà bá jó máa ń dúdú nígbà tó bá ń san. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé ó ń burú sí i, á sì da oògùn sí omi tó ti dáa. A ní kó fi ọwọ́ mú un. Àmóníà ti sún mọ́ òdo lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹja góòlù tó kàn ń yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúdú tàbí ní àwọ̀ idẹ ní kékeré kí wọ́n tó pupa, àwọn mìíràn á sì tún di funfun tí wọ́n bá dàgbà. Nígbà yẹn, dúdú tàbí funfun yẹn kì í jókòó sí etí lẹ́bẹ́ tó ya, ẹja náà á sì máa jẹun bí ẹni pé kò sí nǹkankan.

A ti ń sọ nípa àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì dáhùn ẹ̀sùn rẹ̀ kejì, pé wọ́n ń ṣí. Nínú fótò àárọ̀ tó ní bébà funfun, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣí. Gílóòbù búlúù ló jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ jẹ́ òótọ́ ṣá o. Ẹja tí wàhálà bá ń bá máa ń ṣá. Ẹja tó wà lórí ìsàlẹ̀ funfun náà máa ń gbìyànjú láti jọ ibi tó wà. Ẹja tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí lójú láàárín òru á ṣì ṣá títí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ẹja kékeré kan wà nínú odò apá gúúsù ilẹ̀ wa níbí tí àwọn ará òkè òkun fẹ́ràn, kíríbẹ́nsísì ni wọ́n ń pè é. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí àgbálùmọ̀ nígbà tó bá fẹ́ yé, ẹ kàn fi àwọ̀n kó o sínú ọ̀rá ni, á ṣá lójú yín. Nítorí náà, nínú ohun mẹ́ta tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí nínú fótò, àwọ̀ ni a kì í gbà gbọ́ kíákíá. Ó di ìgbà tí ẹja kan bá ṣá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú fótò kan náà pọ́n, tàbí tí ó bá ṣá ní ibì kan lára nìkan, kí a tó dìde.

Ẹyọ ibì kan tó ṣá yẹn ló mú wa rántí ìgbà tí àwa fúnra wa ṣìnà. Ìyá kan tó ń sin mọ́lì fi fótò ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹja kan ní àpá ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ eérú lẹ́yìn, lábẹ́ lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn, ó sì sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí gàárì ẹṣin. A wo fótò yẹn lẹ́ẹ̀kan, a kọ̀wé pé ebu ni, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ ká rí i lọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, mẹ́rin ti kú. Kì í ṣe ebu. Ebu máa ń yọ irun bí òwú tó dúró sókè lára ẹja. Èyí pẹlẹbẹ ni, etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Àrùn kòkòrò àìfojúrí kan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tàbí lẹ́nu ẹja, ooru omi wa níbí sì máa ń mú kó sáré. Ó lè pa ẹja láàárín ọjọ́ kan. Dókítà ẹranko tó ní maikirosikóòpù ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí yóò ha awọ ẹja tó ṣì wà láàyè, kì í ṣe èyí tó ti kú látàná. Irú rẹ̀ gan-an ló lè nílò oògùn apakòkòrò, ní ìwọ̀n tí dókítà bá kọ. Owó ìyá yẹn lọ, torí a fi fótò dáhùn ohun tó kọjá agbára fótò. Látìgbà náà, bí a bá rí àpá pẹlẹbẹ lẹ́yìn tàbí lẹ́nu, a kì í dá fótò lóhùn mọ́, fóònù la máa ń pè. Ẹ ya ẹja yẹn sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi àwọ̀n rẹ̀ kan táǹkì mìíràn, ẹ gbé e lọ láàyè.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi fótò ránṣẹ́ sí wa, ẹ fi nǹkan márùn-ún yìí tẹ̀lé e nínú ọ̀rọ̀: gígùn, ìbú àti gíga omi táǹkì, iye ẹja, ọjọ́ tí fílítà ti ń ṣiṣẹ́ àti iye wákàtí tí iná lọ, ìgbà tí ẹ pààrọ̀ omi kẹ́yìn, àti ẹja tuntun tó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ti da oògùn kan sí i, ẹ sọ òótọ́ fún wa, a ò ní bú yín.

Ti ọmọkùnrin Agége yẹn, oníbàárà rẹ̀ dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gba mẹ́wàá dípò mẹ́rìnlá. Akọ méjì tó ní àmì funfun lẹ́rẹ̀kẹ́ àti abo méjì ló fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, fótò rẹ̀ tún dé. Okùn ọ̀rá tó sọ sínú kòtò ló yà, nǹkan róbótó-róbótó tó mọ́ bí omi ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, àwọn mélòó kan láàárín wọn sì funfun bíi wàrà.

"Ọ̀gá, ẹyin ni, àbí? Àwọn funfun yìí ńkọ́, ṣé àrùn ni?"

A ní kó sún mọ́ ọn, kó tún un yà, kó gbé ìdérí báírò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó dé, a dá a lóhùn pé àwọn tó funfun yẹn ti kú, akọ ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kó rọra yọ wọ́n kí ebu má baà gba ara wọn dé ara àwọn tó kù, kó sì kó àwọn òbí wọn kúrò kí wọ́n má jẹ ìyókù tán.